Kọ̀ǹpútà tí kò tàn rárá: kí la ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ló tẹ̀ lé e?

Àǹtí Ìtẹ̀wé (Lágẹ́rẹ́, Ilé-Ifẹ̀), 7:48 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Kọ̀ǹpútà alápòótí mẹ́ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi. Ọ̀kan nínú wọn ṣiṣẹ́ títí di alẹ́ àná, mo sì pa á bó ṣe yẹ kí n pa á. Láàárọ̀ yìí mo tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ títí, kò dún, fáànù kò yí, iná kankan kò tàn lára rẹ̀. Àwọn méjì tó kù ń ṣiṣẹ́ lórí iná kan náà.

Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, kò mọ inú kọ̀ǹpútà rárá. Mo fẹ́ ètò tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lè tẹ̀ lé láti orí èkíní dé ìparí, kí n tẹ̀ ẹ́ sórí pépà kí n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Kó wúlò fún láptọ́ọ̀pù náà, nítorí àwọn oníbàárà máa ń gbé e wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ fún mi pé kí n gbé e lọ fún àwọn tó ń tún un ṣe.

Ọmọ Modákẹ́kẹ́, 8:03 àárọ̀

Ráàmù ni, àǹtí. Ẹ ṣí àpótí, ẹ yọ ráàmù, ẹ fi rọ́bà tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ nu etí rẹ̀ tó ń dán bíi wúrà, kí ẹ dá a padà. Eruku ọyẹ́ ló máa ń bò ó.

Bàbá Mítà (Iléṣà), 8:31 àárọ̀

Ọmọ Modákẹ́kẹ́, irọ́ kọ́ lo pa, ṣùgbọ́n àìsàn mìíràn ni oògùn tìrẹ wà fún. Bí ráàmù bá dọ̀tí, fáànù á ṣì yí, iná á tàn lára àpótí, ojú mọ́nítọ̀ ló máa ṣókùnkùn, nígbà mìíràn á tún máa dún pí-pí-pí. Ti àǹtí kò mira rárá. Kọ̀ǹpútà tí kò mira, iná kò dé inú rẹ̀ ni, tàbí iná dé ṣùgbọ́n nǹkan kan ń fà á mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ọ̀nà tí iná ń gbà la ó tọ̀ láti ògiri wá.

Àkọ́kọ́ ni ògiri. Ẹ yọ okùn àpótí náà kúrò lára ẹ̀kítẹ́ńṣọ̀n àti sitabiláísà, kí ẹ ki okùn náà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri tààrà. Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, ẹ kọ́kọ́ fi iná tábìlì tàbí fáànù dán sọ́kẹ́ẹ̀tì náà wò. Ẹ má fi ṣájà fóònù dán an wò, torí ọ̀pọ̀ ṣájà fóònù ló lè ṣiṣẹ́ láti 100 fóltì dé 240. Iná ìjọba lè lọ sílẹ̀ gan-an kí fóònù ṣì máa gba iná, ẹ ó wá rò pé sọ́kẹ́ẹ̀tì dára. Fáànù tó ń yí bí ẹni tó ń tòògbé á sọ òótọ́ fún yín.

Èkejì ni okùn. Okùn tó ń lọ sẹ́yìn mọ́nítọ̀ àti èyí tó ń lọ sẹ́yìn àpótí, ọ̀kan náà ni wọ́n lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ pààrọ̀ wọn. Bí mọ́nítọ̀ bá kọ̀ láti tàn, okùn ló bàjẹ́. Bí orí okùn bá jẹ́ oníẹsẹ̀ mẹ́ta, fíúsì wà nínú rẹ̀. Ẹ fi sukudíráfà yọ ọ́, kí ẹ fi èyí tó ń ṣiṣẹ́ lára okùn mìíràn rọ́pò rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí nọ́ńbà ara wọn bá dọ́gba: 3, 5 tàbí 13. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ fi pépà dídán inú páálí sìgá wé e, ẹ má dá a lóhùn. Okùn náà ni yóò di fíúsì lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo ẹ̀yìn àpótí níbi tí okùn wọlé. Súìṣì kékeré kan máa ń wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ I àti O sí. Ọwọ́ ẹni tó ń gbálẹ̀ lè kàn án. Ó gbọ́dọ̀ wà lórí I. Bí ẹ bá rí èyí tó pupa, tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí, ẹ kàn wò ó ni, kó sì wà lórí 230. Ẹni tó bá tì í sí 115 níbí, tó wá ki okùn bọ iná, á gbọ́ ìró bí ìbọn, páwá páàkì tó ń pín iná fún inú àpótí ti lọ nìyẹn.

Ẹ̀kẹrin, ẹ yọ okùn kúrò lára iná, ẹ tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ tó dá okùn padà. Iná tó ṣẹ́ kù sínú bọ́ọ̀dù, pátákó ńlá inú àpótí tí gbogbo nǹkan so mọ́, máa ń há nígbà mìíràn, ọ̀nà tó ń gbà jáde nìyẹn.

Ìkarùn-ún, ẹ yọ gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, fíláàṣì, kíbọ́ọ̀dù, máọ̀sì, okùn mọ́nítọ̀ pàápàá. Okùn iná nìkan ni kó kù. Ẹ tẹ bọ́tìnnì.

Ibi tí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lè dé láìmú sukudíráfà kan àpótí nìyí. Ẹ ṣe é, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí.

Òṣómàáló, 8:44 àárọ̀

Páwá páàkì ló kú. Kí ẹ tó lọ náwó, fíúsì kékeré onígíláàsì kan wà nínú rẹ̀. Ẹ tú súkúrù mẹ́rin, ẹ pààrọ̀ fíúsì náà, ó tán. Owó kékeré ni.

Bàbá Mítà, 8:52 àárọ̀

Òṣómàáló, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi owó kékeré rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sọ́run. Àwọn kapásítọ̀ ńlá inú páwá páàkì máa ń gba nǹkan bíi 325 fóltì sínú nígbà tí iná 230 bá ń wọlé, wọ́n sì lè dì í mú lẹ́yìn tí ẹ ti yọ okùn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ ṣí i. Yàtọ̀ sí ìyẹn, fíúsì inú ibẹ̀ kì í ṣàdédé jó. Ohun mìíràn ló kọ́kọ́ bàjẹ́ tó jó o. Bí ẹ bá fi tuntun sí i, á tún jó lójú ẹsẹ̀.

Fúnmi Sábó, 9:05 àárọ̀

Ẹ bá mi wo tèmi náà. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni, ihò ṣájà rẹ̀ rí pẹlẹbẹ bíi ti fóònù. Ṣájà fóònù mi ni mo fi ń fún un níná látàná, kò tàn. Ṣé èmi náà máa yọ ráàmù?

Akin Kámpọ́ọ̀sì, 9:11 àárọ̀

Èmi náà wà nínú wàhálà yìí. Tèmi ń dé ibi tí Windows ti ń yí bírí bírí, á wá dúró síbẹ̀. Mo ti pààrọ̀ okùn, mo ti tẹ bọ́tìnnì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, kò yí padà.

Tíṣà Wáyà (Ilé-Ifẹ̀), 9:40 àárọ̀

Akin, tìrẹ tàn, ó kàn ń kọsẹ̀ lójú ọ̀nà ni. Kọ̀ǹpútà tó bá ti lè ya àwòrán sójú, páwá páàkì, ráàmù àti bọ́ọ̀dù ti jẹ́ ìpè. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ dísìkì tàbí Windows fúnra rẹ̀ ni irú tìrẹ, kò sí ohun tí o máa rí nínú ètò yìí. Ṣí ojú ewé tìrẹ lọ́tọ̀.

Fúnmi, fi ráàmù sílẹ̀. Ṣájà fóònù lásán, 5 fóltì ló ń gbé jáde, àwọn tó yára lè dé 9 tàbí 12. Púpọ̀ nínú láptọ́ọ̀pù tó ní ihò pẹlẹbẹ ń fẹ́ 20 fóltì. Bí bátìrì rẹ̀ bá ti ṣófo pátápátá, ìwọ̀n iná bẹ́ẹ̀ kò lè jí i. Wá ẹni tó ní ṣájà láptọ́ọ̀pù onípẹlẹbẹ, tí wọ́n kọ 20V àti 65W sí lára, kí o yá a. Fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí o tó tẹ bọ́tìnnì.

Àǹtí, fún ti pépà ògiri, ètò Bàbá Mítà bá láptọ́ọ̀pù mu, àyípadà díẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ṣájà ló dípò páwá páàkì. Bí iná bá wà lára ṣájà, ẹ wò ó kí ẹ tó kì í bọ láptọ́ọ̀pù, kí ẹ tún wò ó lẹ́yìn tó bá ti wọlé. Bó bá ń tàn tẹ́lẹ̀, tó wá kú bó ṣe wọlé, ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan ti pàdé ara wọn nínú láptọ́ọ̀pù. Ẹni tó ní mítà tí wọ́n fi ń wọn fóltì máa rí nǹkan bíi 19 tàbí 19.5 fóltì lẹ́nu ọ̀pọ̀ ṣájà olórí róbótó. Ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ ni kí ẹ fi wé.

Bí bátìrì bá jẹ́ èyí tó ń yọ, ẹ yọ ọ́, ẹ tẹ bọ́tìnnì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ fi ṣájà nìkan tàn án. Bí ibi tí wọ́n ń fọwọ́ ra bá ti wú sókè tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò jókòó dáadáa mọ́, bátìrì ti wú nìyẹn. Ẹ dá ọwọ́ dúró, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un, ẹ má sì fi ṣájà sí i.

Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé. Láptọ́ọ̀pù lè tàn kí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Ẹ tẹ Caps Lock. Bí iná rẹ̀ bá ń tàn tó ń kú bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ náà wà láàyè, ojú rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá rí àwòrán fírífírí, iná ẹ̀yìn ojú ló kú.

Àǹtí Ìtẹ̀wé, 10:26 àárọ̀

Ẹ ṣé o. A ti ṣe márààrún. Fáànù yí dáadáa lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, okùn rẹ̀ tan mọ́nítọ̀, súìṣì ẹ̀yìn wà lórí I. Kò sí 115 kankan níbẹ̀. Gbogbo ohun ara rẹ̀ ni a yọ. Ṣíbẹ̀, kò ta pútú. Mo ti tú súkúrù méjì ẹ̀gbẹ́, àpótí ti ṣí. Eruku inú rẹ̀ tó gbin ẹ̀fọ́ sí. Kí ni kí n wò?

Bàbá Mítà, 10:50 àárọ̀

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá eruku náà nígbà tí okùn kò sí lára iná. Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin àpótí kí ẹ tó kan bọ́ọ̀dù, kí iná ara yín má baà bà á jẹ́. Kí ẹ wá ki okùn padà láìfọwọ́ kan ohunkóhun nínú, kí ẹ wo ojú bọ́ọ̀dù. Lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù, iná wínníwínní kan wà, ewé tàbí pupa tàbí ofeefee, tó máa ń tàn nígbà tí okùn bá wà lára iná, kódà kí ẹ má tíì tẹ bọ́tìnnì. Páwá páàkì máa ń fi 5 fóltì ránṣẹ́ sí bọ́ọ̀dù nígbà gbogbo, wáyà aláwọ̀ àlùkò ló ń gbé e. Iná yẹn ló ń sọ pé ó dé.

Bí iná yẹn bá tàn, ẹ fura sí bọ́tìnnì. Wáyà tín-ín-rín méjì láti iwájú àpótí wọ orí ẹsẹ̀ méjì kan tí wọ́n kọ PWR_SW tàbí PW sí. Ẹ yọ ọ́ kúrò lórí rẹ̀, ẹ fi ẹnu sukudíráfà kan ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Bó bá tàn, bọ́tìnnì ló bàjẹ́, ẹ lè so wáyà bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tún un bẹ̀rẹ̀ mọ́ ibẹ̀, ó parí.

Bí iná yẹn kò bá tàn, páwá páàkì kú tàbí nǹkan kan ń fa 5 fóltì náà mọ́lẹ̀. Ẹ má tíì ra nǹkan kan.

Àǹtí Ìtẹ̀wé, 11:02 àárọ̀

Kò tàn o. Mo wo èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà kejì, irú bọ́ọ̀dù kan náà ni wọ́n, tìyẹn ń tàn bí ewé.

Òṣómàáló, 11:06 àárọ̀

Ẹ gbọ́! Páwá páàkì. Mo ti sọ ọ́.

Bàbá Mítà, 11:20 àárọ̀

Ẹ ní sùúrù. Ẹ yọ okùn lára iná. Ẹ yọ orí ńlá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rìnlélógún kúrò lórí bọ́ọ̀dù, ẹ tẹ ìkọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó fà á, kí ẹ tún yọ gbogbo orí wáyà páwá páàkì yòókù. Lára orí ńlá yẹn, wáyà aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo ló wà. Ẹ tẹ́ pínnì tí wọ́n fi ń di pépà pọ̀ bíi lẹ́tà U, ẹ ki apá kan sí ihò wáyà ewé, apá kejì sí ihò wáyà dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó ki okùn bọ iná. Bí fáànù páwá páàkì bá yí, ó wà láàyè.

Tíṣà Wáyà, 11:33 àárọ̀

Bàbá, mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta kún un. Tí gbogbo wáyà páwá páàkì bá dúdú, tàbí tí orí rẹ̀ kò ní ẹsẹ̀ mẹ́rìnlélógún, kí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ má dán èyí wò, torí àwọn iléeṣẹ́ kan máa ń to ẹsẹ̀ tiwọn lọ́tọ̀. Àwọn páwá páàkì tuntun kan wà tí fáànù wọn kì í yí bí iṣẹ́ kò bá pọ̀, nítorí náà àìyí rẹ̀ kò fi hàn pé ó kú. Mítà ló lè ṣèdájọ́: àlùkò sí dúdú gbọ́dọ̀ wà láàárín 4.75 sí 5.25, yẹ́lò sí dúdú láàárín 11.4 sí 12.6.

Ẹ̀kẹta, yíyí rẹ̀ kò fi hàn pé ó lágbára. Ẹni tó lè dìde lórí ibùsùn, ẹ má tíì ní kó gbé àpò sìmẹ́ǹtì.

Bàbá Mítà, 11:38 àárọ̀

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àǹtí kò ní mítà, ohun tí a sì fẹ́ mọ̀ báyìí kò ju pé bóyá ó kú pátápátá lọ.

Àǹtí Ìtẹ̀wé, 12:15 ọ̀sán

Fáànù yí o! Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá mi lójú. Mo yọ pínnì, mo dá orí ńlá padà sórí bọ́ọ̀dù, iná wínníwínní náà kò tún tàn.

Bàbá Mítà, 12:24 ọ̀sán

Ó dáa. Páwá páàkì ń ṣiṣẹ́ nígbà tó dá wà, iná kú nígbà tó bá dé orí bọ́ọ̀dù. Ẹnì kan ń fà á mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ ká wá a. Ìgbésẹ̀ kan náà ni kí ẹ máa tún ṣe: ẹ yọ okùn lára iná, ẹ ka mẹ́wàá, ẹ yọ ohun kan ṣoṣo, ẹ ki okùn padà, ẹ wo iná wínníwínní. Bí ẹ bá yọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kò ní mọ èwo ló jẹ̀bi.

Dísìkì àti ẹ̀rọ tó ń ka síídì ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà wọn. Lẹ́yìn náà káàdì àwòrán bó bá ní i. Lẹ́yìn náà àwọn wáyà tó wá láti iwájú àpótí, ti fíláàṣì àti ti gbohùngbohùn. Ráàmù ló kẹ́yìn. Bí iná kò bá tàn nígbà tó ku bọ́ọ̀dù nìkan, bọ́ọ̀dù náà ni mo máa fura sí, ibẹ̀ ni ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ dúró.

Ọmọ Modákẹ́kẹ́, 12:31 ọ̀sán

Bátìrì róbótó orí bọ́ọ̀dù ńkọ́, CR2032? Bó bá ti kú, kọ̀ǹpútà kì í tàn.

Tíṣà Wáyà, 12:37 ọ̀sán

Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí bátìrì yẹn ń ṣe bó bá kú ni pé aago á máa padà sí ọdún àtijọ́, ètò ibẹ̀rẹ̀ á sì máa pa rẹ́. Àwọn bọ́ọ̀dù kan wà lóòótọ́ tó máa ń kọ̀ títí wọ́n fi rí tuntun, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀. Ó yẹ kó wà lórí pépà ògiri, ní ìsàlẹ̀. Bí mítà bá ka 3 fóltì, ẹ fi í sílẹ̀.

Àǹtí Ìtẹ̀wé, 1:18 ọ̀sán

Ẹ̀yin ènìyàn mi! Dísìkì, kò tàn. Síídì, kò tàn. Mo yọ wáyà fíláàṣì iwájú (F_USB1 ni wọ́n kọ síbẹ̀), iná ewé yẹn tàn báyìí! Mo tẹ bọ́tìnnì, fáànù yí, mo dá mọ́nítọ̀ àti kíbọ́ọ̀dù padà, Windows wọlé. Mo wá tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò fíláàṣì iwájú. Ahọ́n dúdú inú rẹ̀ ti ṣẹ́, irin tín-ín-rín inú rẹ̀ ti tẹ̀, ó fara kan irin ẹ̀gbẹ́. Ṣé ìyẹn nìkan ló pa odindi kọ̀ǹpútà?

Bàbá Mítà, 1:30 ọ̀sán

Òun ni. Lórí irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀, 5 fóltì tí páwá páàkì ń fi ránṣẹ́ nígbà gbogbo náà ló ń dé ihò fíláàṣì. Irin tó ń gbé iná bá fara kan irin ẹ̀gbẹ́, páwá páàkì rí i pé iná ń ya lọ, ó sì pa ara rẹ̀ mọ́. Bọ́ọ̀dù mìíràn ní ààbò níbẹ̀, á kan pa ihò yẹn nìkan. Nígbà tí ẹ yọ gbogbo ohun ìta ní ìgbésẹ̀ karùn-ún, ihò náà fúnra rẹ̀ ló kù sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi kún pépà ògiri: kí wọ́n yọ ohun ìta tán, kí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sínú gbogbo ihò.

Òṣómàáló, 1:35 ọ̀sán

Mo gbà. Owó páwá páàkì kan wà lápò àǹtí títí di ìsinsìnyí, ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tún irin náà tò, kí ẹ máa lò ó lọ.

Tíṣà Wáyà, 1:41 ọ̀sán

Rárá o. Ahọ́n tó ti ṣẹ́ kò ní dì í mú, fíláàṣì àkọ́kọ́ tí oníbàárà bá tì wọlé á tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi wáyà yẹn sílẹ̀ ní yíyọ, ẹ fi sẹlotéèpù bo ihò iwájú, kí ẹ so okùn ìfàgùn kan mọ́ ihò ẹ̀yìn kó wá síwájú tábìlì. Bí okùn yẹn bá bàjẹ́, ẹ ju ú nù.

Àǹtí Ìtẹ̀wé, 2:20 ọ̀sán

Ohun tí mo tẹ̀ sórí pépà nìyí, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò:

1. Ṣé kò mira rárá, àbí ojú rẹ̀ ló ṣókùnkùn? Wo fáànù, wo Caps Lock.
2. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri tààrà. Fi fáànù dán an wò, má fi fóònù.
3. Pààrọ̀ okùn. Wo fíúsì. Bó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù, wo iná ṣájà ṣáájú àti lẹ́yìn.
4. Súìṣì ẹ̀yìn sí I. Má fọwọ́ kan 115/230.
5. Yọ okùn (àti bátìrì láptọ́ọ̀pù bó bá ń yọ), tẹ bọ́tìnnì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Bátìrì tó wú, má fọwọ́ kàn án, pè mí.
6. Yọ gbogbo ohun ìta. Tan tọ́ọ̀ṣì sínú gbogbo ihò.
7. Pè mí kí o tó ṣí àpótí. Má ṣí páwá páàkì láéláé.

Tíṣà Wáyà, 2:34 ọ̀sán

Ó dára. Èmi ì bá gbé 6 ṣáájú 3, nítorí yíyọ fíláàṣì yá ju títú fíúsì lọ. Kí ẹ sì kọ ọ́ sókè pátápátá pé bí òórùn jíjó bá ń jáde tàbí omi ti dà sí i, kò gbọ́dọ̀ ki okùn bọ iná rárá.

Bàbá Mítà, 2:40 ọ̀sán

Ti òórùn àti omi, mo fọwọ́ sí i. Ti gbígbé 6 sókè, èmi kò gbà. Ọmọ tó bá ti tú gbogbo okùn ẹ̀yìn kó tó wo sọ́kẹ́ẹ̀tì á lo ìdajì wákàtí láti dá wọn padà, ó sì lè jẹ́ pé sọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n pa.

Fúnmi Sábó, 4:52 ìrọ̀lẹ́

Mo rí ṣájà 65W yá. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, iná kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò rẹ̀ ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á dúró, á tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ojú rẹ̀ ṣì ṣókùnkùn, fáànù kò yí.

Tíṣà Wáyà, 5:10 ìrọ̀lẹ́

Ó ti ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, àmọ́ iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní èdè tirẹ̀, mẹ́ta ti èyí kì í ṣe mẹ́ta ti ìyẹn. Àwọ̀ wo ni iná náà? Yí láptọ́ọ̀pù náà dé, ka orúkọ àti nọ́ńbà irú rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀, kí o kọ ọ́ síbí bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Má kọ èyí tí wọ́n ń pè ní Serial, tìẹ nìkan ni ìyẹn.